Ètè atọ́kùn mi kò bá ohùn mu, ojú rẹ̀ sì ń sá kiri: báwo ni kí n ṣe kọ ìtọ́ni?

Ọmọ Òkèyínmi (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe fídíò kékeré nípa omi Ìkogòsì. Mo fẹ́ kí obìnrin kan máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí atọ́kùn tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò àbúrò màmá mi ni mo lò, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lò ó. Sẹ́kọ́ǹdì 8 ni ẹ̀rọ tí mo ń lò máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Orí rẹ̀ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ kì í wo èèyàn, ó sì ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fún un nìyí:

"Ẹ káàbọ̀ sí Ìkogòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Níbí ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láìsí pé ọ̀kan pa ìkejì lára. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ó sì rí i fúnra yín."

Ìtọ́ni tí mo kọ fún ẹ̀rọ sì nìyí:

```
beautiful African woman presenter talking to camera,
perfect lip sync, professional, 4k
```

Kí ni kí n yí padà?

Àǹtí Ìkéré

Ọmọ mi, ìwé tí ó ń kà ló fà á. Èmi náà rí i nígbà tí mo ń ṣe fídíò aṣọ òkè tí mo ń tà. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù, gbogbo àwọn oníbàárà mi ló ní ojú mi ń lọ sí apá kan. Sọ fún àbúrò màmá rẹ kó há ọ̀rọ̀ náà sórí, kó sì fi fóònù sí ibi tó bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Kó má gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ọmọ Òkèyínmi

Ẹ ṣé mà. Àmọ́ wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Fọ́tò kan ṣoṣo ni, ẹ̀rọ ló ń mú kó sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Fídíò

Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Jẹ́ kó kọjú sí káámẹ́rà gbọnrangandan, kí orí má yà sí ibì kankan. Ìyẹn ni ètè fi ń bá ohùn mu. Kí o sì tún kọ "perfect lip sync" náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o fi "ultra realistic" kún un. Bí o bá ṣe tẹnu mọ́ ọn tó ni ẹ̀rọ á ṣe gbọ́ tó.

Ayàwòrán Ìjerò

Bọ̀dá Fídíò, òótọ́ wà nínú apá kìíní. Ojú tó kọ síwájú gbọnrangandan ló rọrùn jù fún ẹ̀rọ, nítorí igun ètè méjèèjì hàn. Apá kejì ni mi ò gbà. Èsì tí èèyàn ń retí ni "perfect lip sync". Kò sọ ohun kan tí ẹ̀rọ lè yà. Kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, kò ní sí ohun tó yàtọ̀ lójú obìnrin náà.

Ọmọ Òkèyínmi, ohun mẹ́ta tí o kà sílẹ̀ yẹn, inú ìtọ́ni nìkan lo ti ń wá gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ibi tí orí kọ sí, inú fọ́tò ló wà. Ibi tí ojú ń wò, inú fọ́tò náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ìtọ́ni kàn ń bá ọ dì í mú kó má sá ni. Ìyára ọ̀rọ̀, inú ohùn ló wà. Bí fọ́tò bá wo ẹ̀gbẹ́, tí o wá kọ ọ́ sínú ìtọ́ni pé kó wo iwájú, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí orí kúrò níbi tó wà lọ síbi tí o ní kó lọ. Yíyí yẹn gan-an ni o ń rí tí o sọ pé orí ń yí kiri.

Ṣàpèjúwe fọ́tò náà fún mi. Etí mélòó ló hàn? Àgbọ̀n ńkọ́, ó gbé e sókè ni? Ta ló dúró ga jù, ẹni tó ya fọ́tò tàbí ẹni tí wọ́n yà?

Ọmọ Òkèyínmi

Ẹ kú làákàyè sà. Etí kan ló hàn. Wọ́n ń wo ẹnì kan tó wà lápá ọ̀tún wọn, àgbọ̀n wọn sì gbé sókè díẹ̀ torí pé mo jókòó nígbà tí mo ya wọ́n, àwọn dúró.

Ayàwòrán Ìjerò

Ó parí. Tún un yà. Dúró kí fóònù bá ojú wọn dọ́gba. Nígbà tí àgbọ̀n bá gbé sókè, ẹni tó ń wo fídíò máa rò pé wọ́n ń fi imú wo òun, ìtọ́ni kankan ò sì ní mú ìyẹn kúrò.

Mi ò ní kí o kọ wọ́n síwájú gbọnrangandan bíi fọ́tò páásípọ́ọ̀tù o. Yí èjìká àti orí wọn díẹ̀ sí apá kan, kí etí jíjìnnà fẹ́rẹ̀ẹ́ pamọ́, ṣùgbọ́n kí ojú méjèèjì àti igun ètè méjèèjì hàn dáadáa. Ibẹ̀ ni ojú èèyàn ti máa ń dà bí ojú èèyàn. Bí o bá yí i kọjá ìdajì ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́, igun ètè tó wà lọ́nà jíjìn á sọnù, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè sí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti rí i lójú ara mi: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń là, ó ń pàdé bí ẹnu ẹja.

Nínú ìtọ́ni, má gbára lé nọ́mbà nìkan. O lè kọ dígírì 15 síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní rúlà lọ́wọ́. Ohun tí a lè fojú rí ló yé e jù: etí wo ló pamọ́, igun ètè wo ló hàn. Bí o bá sì fẹ́ sọ òsì tàbí ọ̀tún, sọ pé òsì ojú fídíò ni, torí òsì obìnrin náà àti òsì ẹni tó ń wò ó kì í ṣe ọ̀kan náà. Idà ọ̀rọ̀ yìí ti gé mi lọ́wọ́ rí. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ń bá ẹ̀rọ jà, èmi ni mo sì ṣì í sọ.

Lẹ́yìn náà, orí lọ́tọ̀, ojú lọ́tọ̀. Bí o bá sọ pé kí orí yà sí apá kan tí o kò sọ nǹkan kan nípa ojú, ojú á bá orí lọ. Báyìí ni èmi máa ń kọ ọ́:

```
Medium close-up, camera at her eye level, camera does not move.
Head turned slightly to screen-left, chin level,
far ear nearly hidden, both corners of the mouth visible.
Her eyes come back to the lens and stay there.
She blinks once after the first sentence. Hands below frame.
```

Wo ìlà kẹrin. Mi ò kọ pé kó má wo ẹ̀gbẹ́. Ibi tí mo fẹ́ kó wò ni mo sọ. Bí o bá dárúkọ ẹ̀gbẹ́, o ti fi ẹ̀gbẹ́ sí i lọ́kàn nìyẹn. Mo sì ní kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, nítorí ojú tó tẹ̀ mọ́ èèyàn fún sẹ́kọ́ǹdì 8 láìṣẹ́ jọ ojú ère.

Tíṣà Ìfàkì

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ìyára ọ̀rọ̀, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ má fi iye ọ̀rọ̀ wọn Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ wa kéékèèké pọ̀ jù, "ẹ ó sì rí i" nìkan ti di ọ̀rọ̀ márùn-ún. Sílébù ni kí ẹ kà.

Mo ka tirẹ̀. Láti "Ẹ káàbọ̀" dé "fúnra yín", sílébù 66 ni. Tí o bá rọ ọ́ sínú sẹ́kọ́ǹdì 8, ó ju sílébù 8 lọ ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Kò sí atọ́kùn tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi fóònù wọn ara mi nígbà tí mo ń kà á bí ìgbà tí mo ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀, ó ń bọ́ sí bíi 4 sí 5 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹ̀rọ kò ya aláìgbọràn. Ìwọ lo di ẹrù tó pọ̀ jù fún un.

Mú èyí nìkan fún fídíò àkọ́kọ́: "Ẹ káàbọ̀ sí Ìkogòsì. Níbí ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé." Sílébù 27. Ó máa gbà tó sẹ́kọ́ǹdì 6. Fi ìdajì sẹ́kọ́ǹdì sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì lẹ́yìn Ìkogòsì kó fi mí, ìdajì nígbẹ̀yìn. O ti dé 7 àti ààbọ̀. Gbólóhùn bàtà á lọ sí fídíò kejì, sílébù 20 ni.

Ọmọ Òkèyínmi

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ bàtà náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ohun tó sọ ni "ẹ bọ́ bàtá". Ìlù ló ní kí wọ́n bọ́!

Tíṣà Ìfàkì

Àmì ohùn nìyẹn. Ètè kò ní ohun tó fi hàn nínú rẹ̀, bàtà àti bàtá dọ́gba lójú ẹni tó ń wo ẹnu. Etí ló ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, kò sí bí o ṣe lè fi ìtọ́ni nípa ẹnu tún un ṣe.

Ayàwòrán Ìjerò

Tíṣà ti sọ ọ́. Irú ẹ̀rọ méjì ló wà. Àwọn kan ń ṣẹ̀dá àwòrán àti ohùn papọ̀ láti inú ohun tí o kọ, bíi Veo 3 tó jáde ní 2025. Àwọn kejì, ìwọ lo máa fún wọn ní ojú, ìwọ lo máa fún wọn ní ohùn, wọ́n á wá mú kí ẹnu tẹ̀ lé ohùn náà. Fún Yorùbá, irú kejì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí àbúrò màmá rẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, ká á sílẹ̀, àmì ohùn á pé. Ìyára náà á wà lọ́wọ́ rẹ, torí ohùn tí o ká ni ẹnu máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí o kọ. O lè kọ "speaks slowly" títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí ohùn bá ń sáré, ẹnu á sáré.

Ká a nínú yàrá tó ní kọ́tíìnì àti bẹ́ẹ̀dì, kí ohùn má máa gbá ògiri padà. Kí fóònù má jìnnà sí ẹnu ju ìwọ̀n ọwọ́ kan tí o na àwọn ìka rẹ̀ gbalaja lọ, kó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má lù ú. Má fi orin sí i.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yẹ́)

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba orin! Èmi ṣe ìkéde àjẹsára fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo sì ti fi dùùrù sí abẹ́ ohùn kí n tó gbé e fún ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì inú fídíò náà parí ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń jẹ dùùrù lẹ́nu títí fídíò fi tán. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé orin ló fà á?

Ayàwòrán Ìjerò

Òun ni, mà. Ohun tó bá dún ni ẹnu ń tẹ̀ lé. Ẹ ṣe ẹnu pẹ̀lú ohùn lásán, láìsí orin, kí ẹ wá fi dùùrù sí i lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí.

Bọ̀dá Fídíò

Mo ti gbọ́ ti ohùn. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí pé kí orí má mì. Èmi kì í jẹ́ kó mì rárá.

Àǹtí Ìkéré

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni, èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin Èkìtì wo ló ń kí àgbà káàbọ̀ tí orí rẹ̀ dúró gbagidi, tí ó tẹjú mọ́ wọn? Kó tẹ orí ba díẹ̀. Màmá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni aláfojúdi yìí?"

Ayàwòrán Ìjerò

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì ti fi ojú rí ohun tí ó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá tẹ orí ba lórí "káàbọ̀" gan-an, ojú á wá sílẹ̀ ní àkókò tí ètè yẹ kó pàdé fún "bọ̀", ẹ̀rọ á sì pàdánù rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi gbogbo sẹ́kọ́ǹdì kan sílẹ̀ níwájú ohùn dípò ìdajì, mo sì kọ ọ́ pé:

```
Before speaking she lowers her head briefly in greeting,
then raises it, eyes return to the lens, then she speaks.
```

Ìtẹríba á ti parí kí ẹnu tó là. Àmọ́ pẹ̀lú sílébù 27 àti ìmí méjì, gbogbo sẹ́kọ́ǹdì 8 á tán pátápátá, bí ohùn bá falẹ̀ díẹ̀, a ní láti dín ìmí àárín kù. Bọ̀dá Fídíò, orí tó mì díẹ̀ láàárín gbólóhùn kò burú, bó bá ti jẹ́ pé kì í ṣe ibi tí ètè ń pàdé ló ti ń mì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a kò lè sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀rọ̀ báyìí ni kó mì lórí rẹ̀. Ó máa ń ṣe é nígbà tó bá wù ú.

Ọmọ Òkèyínmi

Mo ti tún fọ́tò yà, mo ti ká ohùn, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ojú dúró lórí káámẹ́rà báyìí, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń ṣe mí bákan nígbà tó bá dé "gbígbóná". Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Tíṣà Ìfàkì

Dín fídíò náà kù sí ìdámẹ́rin ìyára rẹ̀, pa ohùn, kí o máa wo ètè nìkan. Nínú gbólóhùn tí o lò, ètè gbọ́dọ̀ pàdé nígbà méje: bọ̀, bí, mi, gbí, gbó, mi, pà. P tiwa náà wà lára wọn, torí bí wọ́n ṣe ń pè é, ètè á dì pa. Ní "Ìkogòsì", ètè kò gbọ́dọ̀ fi ara kan ara rárá, kó kàn ká róbótó lórí "ko" àti "gò" ni. Ka iye ìgbà tí ó pàdé, kí o sọ fún wa.

Ọmọ Òkèyínmi

Márùn-ún. "Gbí" àti "gbó" kò pàdé. Ó ṣí sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ "gígóná".

Ayàwòrán Ìjerò

O ti rí i. Bó bá jẹ́ pé gbogbo méjèèje ló pẹ́ dé pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ohùn àti àwòrán ló yẹ̀ lára wọn, wàá kàn sún ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ gb nìkan ló sọnù, àwọn yòókù pé, ẹ̀rọ gbọ́ g inú rẹ̀, kò gbọ́ b. Èyí ló máa ń yọ mí lẹ́nu jù nínú Yorùbá. Nínú fídíò tó ní fíréèmù 25 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, fíréèmù kan kò ju ìdá 25 sẹ́kọ́ǹdì lọ, ìdì ètè fún gb sì lè má ju méjì sí mẹ́ta lọ. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sáré kọjá rẹ̀, kò sí ohun tó kù fún ẹ̀rọ láti rí.

Tún ohùn ká. Kí wọ́n tẹ "gbígbóná" mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí omi náà ti jó lẹ́sẹ̀ rí. Má tún ìtọ́ni kọ, kò sí ohun tó ṣe é.

Bí ìyẹn kò bá tó, o lè gbé fídíò tó wà lọ́wọ́ rẹ gba inú Wav2Lip, kó tún ẹnu nìkan yà. Ọdún 2020 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, o sì lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà:

```
python inference.py --checkpoint_path checkpoints/wav2lip_gan.pth --face oju.mp4 --audio ohun.wav --pads 0 20 0 0
```

Nọ́mbà 20 yẹn fi àyè kún ìsàlẹ̀ kí àgbọ̀n má bàa gé kúrò. Mọ̀ pé ojú kékeré tó jẹ́ 96 ní ìbú, 96 ní ìdúró ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹnu á ṣú díẹ̀ bí ojú bá gba gbogbo fídíò. Nítorí náà ni mo ṣe kọ "Medium close-up", kí àwòrán mọ láti àyà sókè, kó má sún mọ́ ojú jù. Àti pé kí máíkì tàbí ọwọ́ má ṣe wà níwájú ẹnu, torí ìdajì ojú nísàlẹ̀ ló ń tún yà, ohun tó bá wà níbẹ̀ á bá a lọ. Gèlè kò ní nǹkan ṣe.

Ọmọ Òkèyínmi

Àbúrò màmá mi ti tún un ká. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ti omi tó jó wọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́: mo ka ìpàdé ètè, ó pé méje. Mi ò tilẹ̀ lo Wav2Lip náà.

Mo ti ṣe fídíò kejì, ti bàtà. Ó dára lọ́tọ̀. Ìgbà tí mo so méjèèjì pọ̀ ni orí wọn fò ní àárín, bí ìgbà tí èèyàn bá ta gìrì.

Bọ̀dá Fídíò

Mú fíréèmù tó gbẹ̀yìn nínú ti àkọ́kọ́, kí o fi ṣe fọ́tò tí ìkejì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí kì í fò.

Ayàwòrán Ìjerò

Ó dáa, Bọ̀dá Fídíò, o gbà á níbí. Kó ṣáà rí i pé ẹnu dì, ojú sì là nínú fíréèmù yẹn, torí bí ó bá mú èyí tí ojú ti ń ṣẹ́ lọ́wọ́, fídíò kejì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Èmi yóò kúkú yí bí àwòrán ṣe sún mọ́ni padà. Kí ìkejì jẹ́ ojú àti ọrùn nìkan, tàbí kó fi omi náà hàn láàárín, kí ohùn máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Ojú èèyàn gba ìyẹn ju fíréèmù tí a ń so mọ́ra lọ, torí àwọ̀ awọ ara máa ń yí díẹ̀ láti fídíò kan sí ìkejì.

Bọ̀dá Fídíò

Àwọ̀ kì í yí nínú tèmi.

Ọmọ Òkèyínmi

Nínú tèmi, ó yí o. Àwọ̀ ojú wọn pọ́n díẹ̀ sí i nínú ìkejì. Mo máa lọ ya omi náà fúnra mi ní Sátidé, ibi tí méjèèjì ti pàdé gan-an, kí n fi sí àárín. Mo máa gbé e síbí kí ẹ bá mi ka ètè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yẹ́)

Kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fídíò pé ẹ̀rọ ló mú fọ́tò sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wá ń béèrè nọ́ọ̀sì mi ní ilé ìwòsàn, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn.